Rẹ́jísítà tó lọ sílẹ̀ gbọọrọ: bẹ́ ẹ ṣe máa yí i sí rípọ́ọ̀tù oṣù tí ò parọ́

Tíṣà bíi mẹ́rin ló ti bi mí ní ìbéèrè kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí gbogbo wa sinmi. Ilé ìwé wọn ló ní kí wọ́n yéé máàkì rẹ́jísítà sínú ìwé, orí fóònù ni kí wọ́n ti máa máàkì ẹ̀, nínú áàpù kan báyìí. Wọ́n ń máàkì ẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń máàkì ẹ̀ lọ́sàn-án, kò sí wàhálà. Àfìgbà tí oṣù parí tí ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n mú rípọ́ọ̀tù wá. Wọ́n dáńlóòdù fáìlì, wọ́n ṣí i nínú Google Sheets lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n rí ìlà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tó tò sílẹ̀ gbọọrọ, orúkọ ọmọ kan ṣoṣo á jáde lónìí, á jáde lọ́la, á jáde títí. Ọ̀kan nínú wọn, àǹtí kan tó ń kọ́ píráímárì 4, pè mí lálẹ́, ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé kí n máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan ni?"

Rárá o. Ohun tí wọ́n ń pè ní pífọ̀tì ló máa ṣe é, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí, yíyí yẹn gan-an kọ́ ló le. Ohun tó ń jókòó sínú bọ́kìsì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yí i tán ló le, torí ibẹ̀ ni rípọ́ọ̀tù ti máa ń parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

## Kí ni wọ́n ń pè ní pífọ̀tì?

Róò ni ìlà tó dùbúlẹ̀, tẹ́ ẹ máa ń kà láti ọwọ́ òsì lọ sọ́wọ́ ọ̀tún. Kọ́lọ̀mù ni èyí tó dúró bí òpó. Ibi tí róò àti kọ́lọ̀mù bá ti pàdé, bọ́kìsì ni mo máa pè é níbí.

Ẹ wá wo alájọ. Tó bá ń yí ọjà ká, jọ́tà kan máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀, bó ṣe ń gba owó ló ń kọ ọ́: Ìyá Elélùbọ́ 500, Ìyá Aláta 1,000, Ìyá Elélùbọ́ tún mú 500 míì wá lọ́sàn-án. Ìgbà kan, ìlà kan. Àmọ́ káàdì tó wà lọ́wọ́ Ìyá Elélùbọ́ fúnra ẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ló wà lókè, bọ́kìsì 31 ló wà lójú ẹ̀, ọjọ́ kan, bọ́kìsì kan. Owó kan náà ni o, kíkọ ló yàtọ̀. Kíkó ohun tó wà nínú jọ́tà lọ sójú káàdì, pífọ̀tì nìyẹn. Déètì tó ń tò sísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ á bọ́ sókè, á di orí kọ́lọ̀mù, ọmọ kọ̀ọ̀kan á wá ní róò kan péré.

Ẹ sì fi ọkàn sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá Elélùbọ́ san lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, bọ́kìsì ọjọ́ yẹn sì jẹ́ ẹyọ kan. Kí ni alájọ máa kọ síbẹ̀? Á ro ó pọ̀, 1,000. Kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa ṣe tí nǹkan méjì bá fẹ́ wọ bọ́kìsì kan, tẹ́ ẹ ò bá sọ fún un, ó máa yan èyí tó wù ú. A máa padà síbẹ̀.

## Kí ló dé tí áàpù ò kúkú tò ó síbùú látìbẹ̀rẹ̀?

Torí pé jọ́tà ló rọrùn láti kọ. Tí ọmọ tuntun bá dé, ìlà kan ló máa fi kún un, tọ́jọ́ bá yí, ìlà ló tún máa fi kún un, kò sí ìdí láti máa ya kọ́lọ̀mù tuntun lójoojúmọ́. Ó wà fún kíkọ sínú, kò wà fún kíkà. Ẹ má bínú sí i.

## Báwo ni fáìlì yẹn ṣe rí?

Oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àǹtí yìí ń ṣe. Ọjọ́ 23 ló bọ́ sáàárín Mọ́ńdè sí Fúráìdè nínú oṣù yẹn, ẹ yọ ọjọ́ kìíní tó jẹ́ ọjọ́ òmìnira kúrò, ó ku 22. Ilé ìwé wọn gba mídítáàmù lọ́jọ́ 23 àti 24, ó ku 20. Àárọ̀ àti ọ̀sán ni wọ́n sì ń máàkì, bíi ti rẹ́jísítà ìwé tá a mọ̀, tó jẹ́ pé ìlà kan ni tàárọ̀, ìlà kan ni tọ̀sán. Torí náà ìgbà 40 ni ilé ìwé ṣí, òun náà ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa ń rí lórí káàdì èsì, tí wọ́n á kọ iye ìgbà tí ilé ìwé ṣí, tí wọ́n á wá kọ iye ìgbà tọ́mọ wá sábẹ́ ẹ̀.

Ọmọ 30 ló wà ní kíláàsì ẹ̀, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn, Àdùkẹ́, ọjọ́ 20 oṣù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ ṣírò ẹ̀: ọmọ 29 ní ìgbà 40, ìyẹn 1,160, Àdùkẹ́ ní ọjọ́ mẹ́jọ, ìyẹn ìgbà 16. Ó di 1,176. Ìlà tó yẹ kó wà nínú fáìlì nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ jẹ́ 1,178. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bó ṣe rí nìyí, mo mú ọmọ méjì àti ọjọ́ méjì péré:

```
Time              No  Name    Session  Mark
06/10/2025 08:05  14  Bisi    AM       P
06/10/2025 08:05  15  Kayode  AM       P
06/10/2025 13:10  14  Bisi    PM       P
06/10/2025 13:10  15  Kayode  PM       A
07/10/2025 08:02  14  Bisi    AM       P
07/10/2025 08:02  15  Kayode  AM       A
07/10/2025 13:07  14  Bisi    PM       P
07/10/2025 13:07  15  Kayode  PM       A
```

P ni ọmọ tó wá, A ni ọmọ tí kò wá. Bá a ṣe fẹ́ kó rí nìyí:

```
No   06/10   07/10
14   2       2
15   1       0
```

2 ni ọmọ tó wà láàárọ̀ tó tún wà lọ́sàn-án, 1 ni ọmọ tó wà nígbà kan péré, 0 ni ọmọ tí a ò rí rárá. Ìlà mẹ́jọ ti di méjì. Ti kíláàsì yẹn máa di róò 30 àti ọjọ́ 20, pépà kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síbùú.

## Kí la gbọ́dọ̀ ṣe kí á tó yí i?

Déètì lẹ kọ́kọ́ máa wò. Ẹ wo kọ́lọ̀mù Time yẹn dáadáa, déètì nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀. Lójú èmi àtiyín, 08:05 àti 13:10 ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá fi kọ́lọ̀mù yẹn ṣe pífọ̀tì bó ṣe wà, gbogbo ìṣẹ́jú tí tíṣà bá tẹ fóònù ló máa di kọ́lọ̀mù tiẹ̀, ẹ máa rí kọ́lọ̀mù tí ò lópin, ẹ máa rò pé ẹ ti ba nǹkan jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí nìyẹn, ó ní ayélujára ni ò dáa.

Bí Google Sheets ṣe ń tọ́jú ọjọ́ ni pé ó ń kà á láti ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1899. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá 2025 jẹ́ 45936 lọ́dọ̀ ẹ̀, aago ló wá wà lẹ́yìn ààmì kékeré tó ń jẹ́ póìntì, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 45936.337. Ká gé ohun tó wà lẹ́yìn póìntì dànù ló kù. Ẹ ya kọ́lọ̀mù tuntun kan sí F, ẹ pè é ní Day, ẹ kọ èyí sí F2:

```
=INT(A2)
```

Tó bá gbé 45936 jáde, ẹ má fòyà, ẹ sàmì sí kọ́lọ̀mù yẹn, ẹ lọ sí Format, Number, Date, á di déètì. Ẹ wá fà á wálẹ̀ dé ìlà tó kẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ pé #VALUE! lẹ rí láti ọjọ́ 13 lọ, tí àwọn ọjọ́ kejì sí kẹwàá sì gbà, mo mọ ohun tó ṣe yín. Ọ̀nà àwọn ará Amẹ́ríkà ni Sheets yín fi ń ka déètì, oṣù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. Ó ka 06/10 sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, ó gbà á bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó dé 13/10, ó wá oṣù kẹtàlá, kò rí i, ó fi sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ tún lè dá a mọ̀ láìlo fọ́múlà kankan: déètì gidi máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún nínú bọ́kìsì, ọ̀rọ̀ lásán máa ń fara ti ọwọ́ òsì. Ẹ lọ sí File, Settings, Locale, ẹ fi sí United Kingdom, kẹ́ ẹ wá tún fáìlì yẹn kó wọlé lẹ́ẹ̀kejì, torí èyí tó ti ṣì kà ò ní tún ara ẹ̀ ṣe. Èyí tó gbà láìsọ̀rọ̀ yẹn ló burú jù nínú méjèèjì, èyí tó pariwo, ẹ ṣáà ti rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà ọmọ lẹ máa fi ṣe róò, ẹ má lo orúkọ. Láàárín oṣù, àǹtí yẹn tún orúkọ ọmọ kan kọ nínú áàpù, ó fi ààmì sí i bó ṣe yẹ, Kayode di Káyọ̀dé. Àwọn ìlà tó ti wà tẹ́lẹ̀ ò yí padà. Lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ méjì ti dé, ọ̀kan wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó sá lọ, ìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àwa Yorùbá ló máa ń ṣe jù nítorí ààmì ohùn wa. Nọ́ńbà ò lámì.

## Ibo lẹ máa tẹ̀, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ní 40?

Ẹ sàmì sí gbogbo dátà yẹn, ẹ lọ sí Insert, ẹ tẹ Pivot table. Á bi yín ní nǹkan mẹ́ta. Rows: kí ló máa wà lọ́wọ́ òsì? Ẹ fi No síbẹ̀. Columns: kí ló máa tò sókè? Day. Values: kí ló máa wọnú bọ́kìsì? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa fi Mark síbẹ̀, ó sì jọ pé ó bọ́gbọ́n mu, ṣebí Mark la fẹ́ rí.

Ó máa gbé nọ́ńbà jáde, kò ní gbé P tàbí A jáde. Tẹ́ ẹ bá wá wo Káyọ̀dé, ẹ máa rí 2 lọ́jọ́ keje, ọjọ́ tí kò wá rárá. Ní òpin róò ẹ̀ ẹ máa rí 41. Gbogbo kíláàsì tó kù ló ní 40, àfi Àdùkẹ́ tó ní 16 àti ọmọ kan míì tóun náà ní 41, a máa padà sórí 41 yẹn. Àǹtí ní ẹ̀rọ náà ló ń gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ ìsáǹsá.

Kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Pífọ̀tì ò lè fi lẹ́tà sínú bọ́kìsì, ìṣirò nìkan ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé lẹ́tà fún un, ohun tó máa ṣe ni pé á ka iye ìgbà tó rí i, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí COUNTA níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yàn án. A kan ṣoṣo, ó kà á sí ohun kan. P kan ṣoṣo, ohun kan. Iye ìgbà tí tíṣà máàkì ọmọ yẹn ló ń sọ fún yín, kì í ṣe iye ìgbà tọ́mọ wá. Mo ti rí rípọ́ọ̀tù tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sáìnì, tí wọ́n fi ránṣẹ́, tó jẹ́ pé gbogbo ọmọ ilé ìwé ló wá lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó bi ara ẹ̀ léèrè.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ sọ lẹ́tà yẹn di nọ́ńbà kẹ́ ẹ tó yí i. Ẹ ya kọ́lọ̀mù G, ẹ pè é ní Present:

```
=IF(E2="P",1,0)
```

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tó bá jẹ́ P, kọ 1, tí kò bá jẹ́ P, kọ 0. Ẹ fa òun náà wálẹ̀ dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ wá padà sínú pífọ̀tì, níbi tó ti kọ A1:F1179 lókè, ẹ yí F yẹn sí G kó lè rí kọ́lọ̀mù tuntun yìí, ẹ yọ Mark kúrò nínú Values, ẹ fi Present síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì yàn SUM níbi tó bá ti kọ Summarize by. SUM ni iṣẹ́ alájọ lẹ́ẹ̀kan, á ro tàárọ̀ mọ́ tọ̀sán. Káyọ̀dé di 1 lọ́jọ́ kẹfà, ó di 0 lọ́jọ́ keje, tótà ẹ̀ lóṣù yẹn di 31.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kàn fi Filter yọ gbogbo A dànù kẹ́ ẹ máa ka P lọ. Tótà máa bára mu lóòótọ́, àmọ́ èmi ò fẹ́ ẹ, torí tẹ́ ẹ bá ti yọ A, bọ́kìsì ọmọ tí kò wá máa ṣófo, ọmọ tí tíṣà gbàgbé láti máàkì náà, tiẹ̀ máa ṣófo. Ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀ mọ́.

## Bọ́kìsì tó ṣófo, ṣé ọmọ ò wá ni?

Bọ́kìsì kan tó ṣófo lórí káàdì àjọ lè jẹ́ pé Ìyá Elélùbọ́ ò san. Ó sì lè jẹ́ pé alájọ gan-an ni ò wá sọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ò lè mọ̀ láti ojú káàdì. Bẹ́ẹ̀ náà ni tibí: 0 ni pé tíṣà wò ó, kò rí ọmọ. Òfìfo ni pé kò sẹ́ni tó kọ nǹkankan. Ẹ má fi 0 dí bọ́kìsì tó ṣófo kí pépà lè dáa lójú, ẹ wádìí ẹ̀ ná. Ti Àdùkẹ́, láti ọjọ́ kejì sí ọjọ́ 17 ló ṣófo, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, kò tíì wọlé nígbà yẹn.

Èyí tó wá burú ni èyí tí kò ṣófo tó sì ní àbùkù nínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ṣe pífọ̀tì kejì. Èyí tá a bú lókè yẹn, tó ń fi COUNTA ka Mark, ẹ má sọ ọ́ nù, iṣẹ́ tiẹ̀ ti dé. Nínú ìyẹn, gbogbo bọ́kìsì gbọ́dọ̀ jẹ́ 2, torí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń máàkì lójúmọ́. Èyí tó bá jẹ́ 1, ìgbà kan wà tí wọn ò máàkì. Èyí tó bá jẹ́ 3, wọ́n máàkì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

A ṣe é fún kíláàsì àǹtí. Ẹ rántí pé ìlà méjì ló fi lé, 1,178 dípò 1,176. Bọ́kìsì méjì ló jẹ́ 3 lóòótọ́. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti Sikírù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa láàárọ̀ ọjọ́ 14, àǹtí tẹ P, ó dà bí ẹni pé kò wọlé, ó tún un tẹ̀. Ìyẹn hàn nínú pífọ̀tì ti SUM náà, 3 ló wà níbẹ̀, kò sì séèyàn tó lè wá sílé ìwé lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìkejì jẹ́ ti Káyọ̀dé lọ́jọ́ 21. Ó pẹ́ dé, àǹtí ti máàkì A, ìgbà tó wọlé ó tún yí i sí P, áàpù ò wá pa A rẹ́, ó fi ìlà tuntun kún un. A jẹ́ 0, P jẹ́ 1, P tọ̀sán jẹ́ 1, ó di 2. Nínú SUM, bọ́kìsì yẹn mọ́ bí ojú ọ̀run, pífọ̀tì kejì nìkan ló tú u fó. Lọ́tẹ̀ yìí ó bọ́ sí i dáadáa, àmọ́ ká ní P ló kọ́kọ́ tẹ̀ ní àṣìṣe tó wá yí i sí A, 2 yẹn náà ló máa wà níbẹ̀, irọ́ ló sì máa jẹ́. A padà sínú dátà, a pa ìlà P kan rẹ́ fún Sikírù, a pa ìlà A rẹ́ fún Káyọ̀dé. Ó di 1,176.

Ní ti ẹni tó ń kọ́ píráímárì 2, gbogbo kọ́lọ̀mù ọjọ́ 15 ẹ̀ ló jẹ́ 1 láti òkè délẹ̀. Kíláàsì kan ò lè sá nílé ìwé lẹ́ẹ̀kan náà báyẹn. Òun ló lọ ìpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn tí kò máàkì ẹnikẹ́ni.

## Mélòó nínú mélòó?

Tí ọ̀gá àgbà bá fẹ́ pẹ̀sẹ́ǹtì, ẹ má kàn fi 40 pín tótà gbogbo ọmọ. Káyọ̀dé wá ní ìgbà 31 nínú 40, 77.5 nìyẹn, ó dáa. Àdùkẹ́ wá ní ìgbà 16, tẹ́ ẹ bá fi 40 pín in, á jẹ́ 40 pẹ̀sẹ́ǹtì, wọ́n á pe ìyá ẹ̀ wá sílé ìwé. Ọmọ tí kò pa ọjọ́ kan jẹ látìgbà tó ti wọlé! Iye ìgbà tí wọ́n máàkì ọmọ yẹn lẹ máa fi pín in, ìyẹn 16.

Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn ọmọ 30 sínú ṣíìtì tuntun kan, láti inú ìwé tí orúkọ kíláàsì wà, kì í ṣe láti inú pífọ̀tì, torí ọmọ tí wọn ò máàkì rí ò ní jáde nínú pífọ̀tì rárá, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ó sọnù. Tó bá jẹ́ pé Data lẹ pe ṣíìtì àkọ́kọ́, tí nọ́ńbà ọmọ sì wà ní A2:

```
=SUMIF(Data!B:B,A2,Data!G:G)/COUNTIF(Data!B:B,A2)
```

Tọwọ́ òsì ń ro iye ìgbà tọ́mọ wá, tọwọ́ ọ̀tún ń ka iye ìgbà tí wọ́n máàkì ẹ̀. Tó bá gbé 0.775 jáde fún Káyọ̀dé, ẹ lọ sí Format, Number, Percent, á di pẹ̀sẹ́ǹtì. Tí #DIV/0! bá jáde níwájú ọmọ kan, wọn ò máàkì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wádìí bóyá ó ti kúrò ní ilé ìwé ni, àbí ẹ ò fi sínú áàpù.

Ti gbogbo kíláàsì rọrùn. Tótà àwọn tó wá jẹ́ 1,040 lẹ́yìn tá a ti yọ ti Sikírù, a fi ìgbà 40 pín in, ó di 26. Ọmọ 26 ló ń jókòó ní kíláàsì yẹn lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá dá a sí ọgbọọgba. Ibí yìí, 40 náà lẹ máa lò, torí ilé ìwé lẹ ń wò, ẹ ò wo ọmọ kan.

Àǹtí tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e lọ. Ọ̀gá àgbà ò tiẹ̀ ka tótà, òkè ló ń wò. Ó fi ìka sí ọjọ́ kẹta, ó fi sí ọjọ́ kẹwàá, ó fi sí ọjọ́ 17, ó fi sí ọjọ́ 31, àwọn ọmọ mẹ́fà kan náà ló ń ní 1 nínú kọ́lọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Fúráìdè sì ni gbogbo ẹ̀. Jímọ̀ ni, àwọn òbí wọn máa ń wá mú wọn lágogo méjìlá ààbọ̀. Ó ní ṣé ó yẹ ká máa kọ A fún wọn ni, àbí ká wá lẹ́tà míì. Ìpàdé tíṣà ló gbé e lọ, mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n bá a dé.